Wíìn réètì mélòó ló tó? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí bíréèkì-ífùn àti iye tí tíréèdì kan ń mú wọlé

Ìbéèrè kan náà làwọn àbúrò tá a jọ máa ń jókòó ti ṣáàtì máa ń bi mí, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè ẹ̀ ló kàn ń yàtọ̀, mo wá kó gbogbo ẹ̀ jọ síbí kí n má bàa máa sọ ọ́ lójoojúmọ́. EURUSD, ìyẹn yúrò sí dọ́là lọ́jà pàṣípààrọ̀ owó, ni mo fi ń ṣàpẹẹrẹ torí òun ni mò ń tà. Púpọ̀ nínú ìṣirò inú ẹ̀ ò ju ròpọ̀ àti pín lọ o, ẹni tó bá lè ka ṣéńjì nínú dánfó tó kún lè ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n, kí ló ń jẹ́ bíréèkì-ífùn wíìn réètì gan-an?

Wíìn réètì ni iye tíréèdì tó ń jèrè nínú ọgọ́rùn-ún. Fún bíréèkì-ífùn, jẹ́ n gbé e gba ọjà tòmátò. Ká ní ìyá kan ń ra apẹ̀rẹ̀ ní 12,000 náírà, ó ń tà á ní 15,000, èrè ẹ̀ 3,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, 12,000 wọgbó nìyẹn. Apẹ̀rẹ̀ mélòó ló máa tà kí èrè ẹ̀ tó lè dí ihò apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tó jẹrà? Mẹ́rin. Tó bá wá ra márùn-ún, tí mẹ́rin tà, tí ọ̀kan jẹrà, owó tó mú wá sọ́jà náà ló mú lọ sílé, kò jèrè kò pàdánù. Mẹ́rin nínú márùn-ún, 80 pásẹ́ǹtì, ìyẹn gan-an ni bíréèkì-ífùn ẹ̀. Tó bá ń tà dáadáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń jèrè, tí ò bá tó bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ ojú owó ẹ̀, bó ti wù kí ọjà máa tà tó lójú àwọn tó ń wò ó.

Tíréèdì náà nìyẹn. Sítọ́ọ̀pù ni ibi tó o ti yàn láti jáde tí ọjà bá lòdì sí ẹ, tágẹ́ẹ̀tì ni ibi tó o ti yàn láti jáde pẹ̀lú èrè. Owó tó o máa pàdánù tí sítọ́ọ̀pù bá kàn ni tòmátò tó jẹrà, owó tó o máa rí tí tágẹ́ẹ̀tì bá kàn ni 3,000 yẹn. Pín èrè sí àdánù, ohun tó o bá rí ni mò ń pè ní RR. Ti ìyá yẹn, 3,000 pín sí 12,000, ó jẹ́ 0.25. Lẹ́yìn náà:

```
bireki = 1 / (1 + RR)
1 / (1 + 0.25) = 0.80
```

Tí RR ẹ bá jẹ́ 1, 50 pásẹ́ǹtì lo nílò. Tó bá jẹ́ 1.5, ó di 40. Tó bá jẹ́ 2, 33.3, tó bá jẹ́ 3, 25. Kò sídìí láti há a sórí, fóònù ẹ ní kakulétọ̀.

Àwọn kan ń kọ 1:2, àwọn kan ń kọ 2:1, èwo ni kí n gbà?

Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ, ẹnì kan fi àdánù ṣáájú, ẹnì kejì fi èrè ṣáájú. Ìjàǹbá tó wà níbẹ̀ ni kó o gbé nọ́ńbà ẹlòmíì sínú fọ́múlà tìẹ láì yẹ̀ ẹ́ wò. Tó o bá fi 0.5 síbi tó yẹ kó o fi 2 sí, fọ́múlà máa sọ fún ẹ pé 66.7 lo nílò nígbà tó jẹ́ 33.3 ni. Ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ pé mi ò ṣì í ni pé mo máa ń bi ara mi pé tágẹ́ẹ̀tì ló jìn ni àbí sítọ́ọ̀pù. Tí tágẹ́ẹ̀tì bá jìn ju, ìdáhùn gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ 50, tó bá lọ sókè 50, mo ti gbé e dorí kodò nìyẹn.

Tó bá jẹ́ 25 pásẹ́ǹtì péré ni RR 3 nílò, ṣé kí n kàn máa lo RR 3 kọ́ ni? Ta ni ò lè rí ẹyọ kan mú nínú mẹ́rin?

Èyí ni ìbéèrè tó mú kí n kọ gbogbo èyí, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń rì sí. Mo rì síbẹ̀ náà fódidi oṣù mẹ́jọ.

Jẹ́ ká mú ẹni tí ò mọ nǹkan kan nípa ṣáàtì rárá, tó kàn ń ju owó ẹyọ sókè, tó bá ṣojú ó rà, tó bá ṣẹ̀yìn ó tà. Sítọ́ọ̀pù ẹ̀ píìpù 20, tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀ píìpù 40, píìpù ni ìgbésẹ̀ kékeré tá a fi ń wọn bí ọjà ṣe rìn. Ọjà tó kàn ń lọ sókè ń bọ̀ nísàlẹ̀ láìní ibi tó dojú kọ, sítọ́ọ̀pù ló sún mọ́ ọn jù, ibi tí tágẹ́ẹ̀tì wà jìn ní ìlọ́po méjì, torí náà nínú ẹ̀ẹ̀mẹta, á kan sítọ́ọ̀pù lẹ́ẹ̀mejì, á kan tágẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn 33.3 pásẹ́ǹtì. Ṣó o rí nọ́ńbà yẹn? Òun náà ni bíréèkì-ífùn RR 2. Sún tágẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ sí 60 kó di RR 3, owó ẹyọ náà á máa mú ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin, 25 pásẹ́ǹtì. Gbé e lọ sí 200, RR 10, á máa mú nǹkan bíi 9 nínú 100, bíréèkì-ífùn RR 10 náà sì ni 9.1.

Ohun tí mò ń sọ ni pé bíréèkì-ífùn àti owó ẹyọ jọ ń rìn ni. Bó o ṣe ń sún tágẹ́ẹ̀tì síwájú, wíìn réètì ẹ náà ń wálẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀, kò sí ẹ̀bùn kankan nínú RR ńlá fúnra ẹ̀. Èrè tìẹ ni ìwọ̀n tí wíìn réètì ẹ fi ga ju ti owó ẹyọ lọ ní RR kan náà, ìyẹn ló ń sọ bóyá ohun tí ò ń rí lórí ṣáàtì jẹ́ nǹkan gidi. Ẹni tó ní 38 pásẹ́ǹtì ní RR 2 ní nǹkan lọ́wọ́. Ẹni tó ní 50 pásẹ́ǹtì ní RR 1, tó wá ń yangàn pé òun ń mú ìlàjì, owó ẹyọ ló ń jù, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Sípúrẹ́ẹ̀dì àti kọmíṣọ̀n ńkọ́? Ṣé wọ́n wà nínú fọ́múlà yẹn?

Wọn ò sí nínú ẹ̀, ìwọ lo máa fi wọ́n sí i. Sípúrẹ́ẹ̀dì ni ìyàtọ̀ àárín owó tí búrókà fi ń tà fún ẹ àti owó tó fi ń rà lọ́wọ́ ẹ. Ká ní o wọn sítọ́ọ̀pù àti tágẹ́ẹ̀tì ẹ láti ibi tí ọjà wà lórí ṣáàtì, píìpù 20 nísàlẹ̀, píìpù 40 lókè, tí sípúrẹ́ẹ̀dì àti kọmíṣọ̀n sì jọ jẹ́ píìpù 1.5. Nígbà tó o bá jáwè olúborí, 38.5 ló dé ọwọ́ ẹ. Nígbà tó o bá pàdánù, 21.5 ló lọ. Fọ́múlà wá di:

```
bireki = (S + c) / (S + T)
(20 + 1.5) / (20 + 40) = 0.358
```

S ni sítọ́ọ̀pù, T ni tágẹ́ẹ̀tì, c ni owó tí búrókà ń gbà. Láti 33.3 ó ti di 35.8. Ó kéré lójú, àbí? Ó dáa, wò ó tí ẹnì kan bá ń ṣe kíákíá-kíákíá lórí ṣáàtì ìṣẹ́jú kan, sítọ́ọ̀pù 5, tágẹ́ẹ̀tì 10. RR 2 kan náà ni lójú. Ṣùgbọ́n 6.5 pín sí 15 jẹ́ 43.3. Píìpù 1.5 kan náà, ó gba pásẹ́ǹtì 2.5 lọ́wọ́ ẹnì kìíní, ó gba 10 lọ́wọ́ ẹnì kejì. Owó ẹyọ ṣì wà ní 33.3 o, ìyẹn ni pé ẹnì kejì gbọ́dọ̀ mọ̀ ju owó ẹyọ lọ pẹ̀lú pásẹ́ǹtì 10 gbáko kó tó rí kọ́bọ̀ kan. Ìdí tí mo fi kúrò lórí ṣáàtì ìṣẹ́jú kan nìyẹn, kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí.

Ẹnì kan máa sọ pé sítọ́ọ̀pù tòun, ibi tí ọ́dà ti wọlé lòun ti ń wọ̀n ọ́n, torí náà 20 gééré lòun ń pàdánù. Òótọ́ ni. Àmọ́ tó o bá rà, owó tó ga nínú méjèèjì lo fi wọlé, owó tó rẹlẹ̀ ni wọ́n sì máa fi tì í, torí náà gbàrà tó o ti tẹ bọ́tìnì, ọjà ti sún mọ́ sítọ́ọ̀pù ẹ pẹ̀lú ìwọ̀n sípúrẹ́ẹ̀dì, ó sì ti jìnnà sí tágẹ́ẹ̀tì. Owó náà ṣì lọ, ara wíìn réètì ẹ ló ti ń jáde dípò kó jáde lára píìpù.

Ẹnì kan ń ta sígínàà, ìyẹn àmọ̀ràn ìgbà tó yẹ kéèyàn rà tàbí tà, ó ní 90 pásẹ́ǹtì lòun ń mú, ó sì fi hàn mí. Irọ́ ni?

Ó lè má parọ́. Béèrè ìbéèrè kejì lọ́wọ́ ẹ̀: eélòó ló ń jẹ nígbà tó bá mú, eélòó ló ń lọ nígbà tí ò bá mú? Irú wọn tí mo ti rí máa ń jẹ píìpù 5, wọn á sá jáde, tí ọjà bá wá kọ ẹ̀yìn sí wọn wọ́n á dúró dì í mú, "ó máa padà, ó máa padà", títí á fi gba 60 lọ. Fi 60 pín sí 65, bíréèkì-ífùn ẹ̀ jẹ́ 92.3. Ó ń mú 90. Nínú tíréèdì mẹ́wàá, á jẹ 45, á pàdánù 60, píìpù 15 wọlẹ̀, àwòrán mẹ́sàn-án tó ní àwọ̀ búlúù ti èrè ló sì máa gbé síta. Ìyá onítòmátò ò lè ṣe báyìí láéláé, torí ó ń rí èyí tó jẹrà lójú ara ẹ̀.

Ó dáa, kí wá ni ẹkspẹ́tánsì? Ṣé ó yàtọ̀ sí bíréèkì-ífùn ni?

Bíréèkì-ífùn ń sọ ibi tí ìlà wà. Ẹkspẹ́tánsì ń sọ bó o ṣe jìn tó sí ìlà yẹn, ó sì ń fi owó sọ ọ́: tó o bá pín gbogbo èrè àti àdánù ẹ sórí gbogbo tíréèdì tó o ṣe, eélòó ló kan tíréèdì kan?

```
E = (W * ipindogba_ere) - (L * ipindogba_adanu)
```

W ni ìdá tíréèdì tó mú, L ni ìdá èyí tí ò mú. Àwọn méjì tó kù, ìpíndọ́gba ni wọ́n, ìyẹn ni pé ká ro gbogbo èrè pọ̀ ká pín in sí iye tíréèdì tó jèrè, ká ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún àdánù. Ìpíndọ́gba ohun tó ṣẹlẹ̀ o, kì í ṣe ohun tó wà nínú pílánù ẹ. Ọ̀rọ̀ yìí lọ̀pọ̀ ń fò kọjá, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi hàn yín.

Fi hàn wá, ẹ̀gbọ́n.

Tíréèdì 50, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.10 lọ́ọ̀tì, lórí EURUSD ìyẹn jẹ́ dọ́là kan fún píìpù kan, ó mú ìṣirò rọrùn. Pílánù: sítọ́ọ̀pù 20, tágẹ́ẹ̀tì 40. Mo mú 20, mo pàdánù 30, 40 pásẹ́ǹtì gééré. Tó o bá fi pílánù ṣe é, 0.4 lọ́nà 40 jẹ́ 16, 0.6 lọ́nà 20 jẹ́ 12, èrè píìpù 4 lórí tíréèdì kọ̀ọ̀kan, dọ́là 200 lórí 50. Mo ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé, inú mi dùn gan-an, àfi bí àkáǹtì mi ṣe ń gbẹ lọ ní gbogbo àsìkò yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bá búrókà jà lọ́kàn mi pé wọ́n ń jí owó mi.

Ìgbà tí mo wá jókòó ka ìtàn tíréèdì yẹn ní ìlà-ìlà ni ojú mi là. Nínú 20 tí mo mú, 8 péré ló dé tágẹ́ẹ̀tì, wọ́n mú 38.5 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, 308 lápapọ̀. Àwọn 12 yòókù, mo ti sá jáde kí wọ́n tó dé, torí mo rí àwọ̀ búlúù, mo sì ń bẹ̀rù kó má di pupa. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 18, ìyẹn 216. Gbogbo èrè pọ̀ jẹ́ 524, pín in sí 20, 26.2.

Nínú 30 tí mo pàdánù, 26 lọ pẹ̀lú 21.5 bó ṣe yẹ, 559. Mẹ́rin ni wàhálà. Mẹ́ta nínú ẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sún sítọ́ọ̀pù sẹ́yìn. Ẹ̀kẹrin, mo fi í sílẹ̀ di aago mẹ́wàá alẹ́, ìgbà tí New York ń pa ọjọ́ dé, sípúrẹ́ẹ̀dì sì máa ń fẹ̀ bí ẹnu ọ̀nì nígbà yẹn, ó tì í síbi tí mi ò rò. Ìpíndọ́gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 35, ìyẹn 140. Gbogbo àdánù jẹ́ 699, pín in sí 30, 23.3.

```
E = (0.40 * 26.2) - (0.60 * 23.3)
  = 10.48 - 13.98
  = -3.50
```

Píìpù 3.5 ń bọ́ lára mi lórí tíréèdì kọ̀ọ̀kan. Lọ́nà 50, dọ́là 175. Mo lọ wo àkáǹtì, dọ́là 175 gan-an ló ti lọ. Búrókà ò jí nǹkan kan.

Wá padà sí bíréèkì-ífùn. RR tí mo kọ sára ògiri ni 2, RR tí mò ń ṣe ni 26.2 pín sí 23.3, ìyẹn 1.12. Bíréèkì-ífùn 1.12 jẹ́ 47.1 pásẹ́ǹtì, mo sì ń mú 40. Mò ń fi ìlà 33 tu ara mi nínú nígbà tí ìlà tèmi wà ní 47.

Tẹ́ ẹ bá ti jẹ́ kí àwọn 12 yẹn lọ dé tágẹ́ẹ̀tì ńkọ́?

Ibí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí, torí ìdáhùn tó wù wá kọ́ ni òtítọ́. Èrò àkọ́kọ́ ni pé kí n sọ 12 yẹn di 38.5 kí n ròó pọ̀. Ìrẹ́jẹ ni. Kì í ṣe gbogbo wọn ló máa dé ibẹ̀. Mo padà sórí ṣáàtì, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo rí i pé 10 dé tágẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí mo ti sá, méjì sì yí padà wá kan sítọ́ọ̀pù. Tí mi ò bá fọwọ́ kan nǹkan kan, 18 ni ǹ bá mú, 32 ni ǹ bá pàdánù.

18 lọ́nà 38.5 jẹ́ 693. 32 lọ́nà 21.5 jẹ́ 688. Èrè píìpù márùn-ún. Lórí tíréèdì 50! Dọ́là márùn-ún, ìyẹn ò tó owó détà tí mo fi ń wo ṣáàtì.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀, wọn ò sì jọra. Ìkínní, ọwọ́ mi tí ò dúró jẹ́ẹ́ ló gba dọ́là 180 lọ, láti márùn-ún lókè sí 175 nísàlẹ̀. Ìkejì dùn mí ju èyí lọ: ọgbọ́n tí mo fi ń wọlé gan-an ò tíì jẹ́ nǹkan kan, wíìn réètì ẹ̀ 36, bíréèkì-ífùn ẹ̀ 35.8. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń rò pé ìwà mi nìkan ló ní ìṣòro. Tún ṣàkíyèsí pé wíìn réètì já láti 40 sí 36 nígbà tí mo ṣe dáadáa. Ẹni tó bá ń wo wíìn réètì nìkan á ní mo ti bà á jẹ́.

MetaTrader tèmi, áàpù tí mo fi ń ṣe tíréèdì, ń fi nọ́ńbà kan hàn tó ń jẹ́ `Expected Payoff`, ṣé òun náà ni?

Òun náà ni, ó wà nínú rípọ́ọ̀tì pẹ̀lú `Average profit trade` àti `Average loss trade`. Owó tó wà nínú àkáǹtì ẹ ló fi ń sọ ọ́, ìyẹn ni wàhálà ẹ̀. Tó o bá ń ta 0.10 lọ́ọ̀tì láàárọ̀, tó o wá ta 0.50 lálẹ́ torí inú ń bí ẹ, tíréèdì alẹ́ yẹn máa bo márùn-ún ti àárọ̀ mọ́lẹ̀. Mo mọ ọ̀rẹ́ kan tí `Expected Payoff` ẹ̀ dára rèǹtè-rente torí tíréèdì ńlá ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ sí i. A yọ ẹyọ yẹn kúrò, gbogbo ẹ̀ di òdì.

Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń kọ àbájáde ní R. R kan ni owó tó o fi sínú ewu nígbà tó ò ń wọlé. Tó o fi dọ́là 20 sínú ewu, tó o jẹ 38.5, kọ 1.93. Tó o fi 100 sínú ewu tó o pàdánù 110, kọ -1.10. Báyìí gbogbo tíréèdì á jọ wà lórí òṣùwọ̀n kan. Tèmi tòkè yẹn, 3.5 pín sí 20, jẹ́ -0.175R. R ìgbà tó ò ń wọlé ni o, kì í ṣe R lẹ́yìn tó o ti sún sítọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá sún sítọ́ọ̀pù láti 20 sí 35 tó wá kọ -1, ara ẹ̀ ló ń tàn.

Tíréèdì tó jáde ní òdo ńkọ́, nígbà tí mo ti gbé sítọ́ọ̀pù síbi tí mo ti wọlé?

Kì í ṣe èrè, kì í ṣe àdánù, ṣùgbọ́n tíréèdì ni, ó gbọ́dọ̀ wà nínú iye tó ò ń fi pín. Ká ní nínú 50, 18 jèrè, 22 pàdánù, 10 jáde ní òdo. W jẹ́ 0.36, L jẹ́ 0.44, kì í ṣe 0.64. Àwọn kan máa ń fò ó, wọ́n á ní 18 nínú 40, "45 pásẹ́ǹtì ni mò ń mú". Irọ́ kọ́ pátápátá, àmọ́ wọn ò gbọ́dọ̀ wá fi 45 yẹn ṣírò owó lórí tíréèdì 50. Kọmíṣọ̀n sì wà níbẹ̀, torí náà òdo yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ òdo, tèmi máa ń jáde ní bíi -0.03R.

Báwo lẹ ṣe ń ṣe é nínú Google Sheets?

Ìlà kan fún tíréèdì kan, àbájáde ní R wà ní C, láti C2 dé C51. Mẹ́rin yìí ti tó:

```
=COUNTIF(C2:C51,">0")/COUNT(C2:C51)
=AVERAGEIF(C2:C51,">0")
=-AVERAGEIF(C2:C51,"<0")
=AVERAGE(C2:C51)
```

Ìkínní ni wíìn réètì, ìkejì ìpíndọ́gba èrè, ìkẹta ìpíndọ́gba àdánù. Ìkẹrin yẹn ni ẹkspẹ́tánsì fúnra ẹ̀, torí ìpíndọ́gba gbogbo ẹ̀ ló jẹ́, kò tiẹ̀ nílò fọ́múlà gígùn yẹn. Mo ṣì ń ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ torí ìkẹrin á sọ fún ẹ pé owó ń jò, kò ní sọ ibi tó ti ń jò.

Tíréèdì mélòó ni kí n ṣe kí n tó gba nọ́ńbà yẹn gbọ́?

Ju iye tó wù ẹ́ lọ. Ìwọ̀n tí oríire lè fi gbé wíìn réètì sókè tàbí sísàlẹ̀ ni gbòǹgbò W lọ́nà L pín sí iye tíréèdì. Fún 36 pásẹ́ǹtì lórí 50, gbòǹgbò 0.36 × 0.64 ÷ 50 jẹ́ nǹkan bíi 6.8 pásẹ́ǹtì. Ìlọ́po méjì ẹ̀ ni mo máa ń wò, nǹkan bíi 14. Ìyẹn ni pé 36 tèmi lè jẹ́ 22 ní ti gidi, ó sì lè jẹ́ 50. Ọ̀kan pa mí, ọ̀kan sọ mí di olówó, tíréèdì 50 ò lè sọ èwo ni. Tí mo bá ní 400, ó ti dín sí bíi 5 lókè àti nísàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti ń mọ́gbọ́n wá díẹ̀.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kó o sọ ọgbọ́n nù torí ó pàdánù léraléra. Ẹni tó ń mú 40 pásẹ́ǹtì, 0.6 lọ́nà ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹfà jẹ́ 0.047, ìyẹn ni pé tó o bá dúró síbikíbi, nǹkan bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú 21 ni àdánù mẹ́fà máa tò tẹ̀ léra wọn láti ibẹ̀ lọ. Láàárín tíréèdì 50 ibi tó lè ti bẹ̀rẹ̀ pọ̀, kò yẹ kó yà ẹ́ lẹ́nu rárá tó bá ṣẹlẹ̀. Wò ó pẹ̀lú owó tó o fi sínú ewu: tó bá jẹ́ 10 pásẹ́ǹtì àkáǹtì lo ń fi sí tíréèdì kan, mẹ́fà yẹn á gbé nǹkan bíi 47 nínú 100 lọ, ẹkspẹ́tánsì tó dára ò sì ní wúlò fún ẹ mọ́ torí o ò ní dúró dé ibi tó ti máa ṣiṣẹ́.

Kí lẹ wá ṣe pẹ̀lú ọgbọ́n tó mú dọ́là márùn-ún wá yẹn?

Mi ò sún tágẹ́ẹ̀tì, mo ti sọ ìdí ẹ̀, owó ẹyọ á kàn tẹ̀ lé e lọ ni. Mo pín ìlà 50 yẹn sí wákàtí tí mo wọlé. Àwọn tí mo wọlé lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ jẹ́ 11, mo mú méjì nínú ẹ̀. Tí mo bá yọ wọ́n kúrò nínú èyí tí mi ò fọwọ́ kàn, ó ku 16 tó mú àti 23 tí ò mú, èrè píìpù 616, àdánù 494.5, 121.5 wọlé lórí tíréèdì 39, píìpù 3.1 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó dùn ún gbọ́, mo sì mọ̀ pé kò tíì jámọ́ nǹkan kan, torí ẹ̀yìn tí mo ti rí àbájáde ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ohun tí mo máa yọ, tó o bá ń gé ìlà kúrò bó ṣe wù ẹ́, o ò lè ṣaláì rí èyí tó máa dára. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kíkà míì láti òdo: kò sí wíwọlé lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, sítọ́ọ̀pù tí mo bá ti gbé kalẹ̀ mi ò gbọ́dọ̀ sún un sẹ́yìn, lọ́ọ̀tì 0.01 kí dọ́là méjì péré wà nínú ewu. Mo wà lórí ìlà 63 báyìí, ìpíndọ́gba C jẹ́ 0.08.